Àkópọ̀ Máàkì Ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò: Ipò Akọ̀wé Ìṣirò Owó

Sí: Alága àti àwọn ọmọ ìgbìmọ̀
Láti ọ̀dọ̀: Akọ̀wé ìgbìmọ̀
Àyè tó ṣí sílẹ̀: ẹnì kan, pẹ̀lú adípò kan tí a ó pè bí ẹni àkọ́kọ́ bá kọ̀ ọ́

Ẹ kú iṣẹ́ àná. Ìwé máàkì 15 pé sọ́wọ́ mi. Bí ẹ ti mọ̀, 100 ni gbogbo máàkì: ìmọ̀ iṣẹ́ 40, ojútùú ìṣòro 30, ìbánisọ̀rọ̀ 20, ìmúra 10. Mo tún máàkì orí kọ̀ọ̀kan rò pọ̀ fúnra mi, mi ò gbára lé àròpọ̀ tí a kọ sí ìsàlẹ̀ ìwé.

| Ipò | Olùdíje | Alága | Akáùńtáǹtì àgbà | Ẹ̀ka òṣìṣẹ́ | Ìpíndọ́gba | Àlàfo |
|---|---|---|---|---|---|---|
| 1 | Olùdíje 3 | 84 | 86 | 85 | 85.0 | 2 |
| 2 | Olùdíje 1 | 78 | 88 | 71 | 79.0 | 17 |
| 3 | Olùdíje 5 | 80 | 76 | 75 | 77.0 | 5 |
| 4 | Olùdíje 2 | 66 | 49 | 74 | 63.0 | 25 |
| 5 | Olùdíje 4 | 58 | 55 | 52 | 55.0 | 6 |

Àlàfo ni ìyàtọ̀ láàárín máàkì tó ga jù àti èyí tó kéré jù tí olùdíje kan gbà.

Àtúnṣe kan ṣoṣo

Lórí ìwé Olùdíje 5, aṣojú ẹ̀ka òṣìṣẹ́ kọ 85 sí ìsàlẹ̀, ṣùgbọ́n 30, 24, 14 àti 7 jẹ́ 75. Mo fi hàn wọ́n, wọ́n ṣàtúnṣe rẹ̀ fúnra wọn, wọ́n sì fọwọ́ sí i. Bí a bá ti fi 85 yẹn sílẹ̀, ìpíndọ́gba Olùdíje 5 ì bá di 80.3, ì bá sì ti gba ipò kejì lọ́wọ́ Olùdíje 1. Yàtọ̀ sí èyí, mi ò fọwọ́ kan máàkì ẹnikẹ́ni.

Ibi tí ẹnu kò ti kò

Mo kọ́kọ́ wò ó bóyá ọwọ́ ẹnì kan ló le ju ti àwọn tó kù. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìpíndọ́gba tí Alága fún àwọn márààrún jẹ́ 73.2, ti akáùńtáǹtì àgbà 70.8, ti ẹ̀ka òṣìṣẹ́ 71.4. Ìdáhùn àwọn olùdíje gan-an ni a kò rí bákan náà.

*Olùdíje 2.* Lórí ìmọ̀ iṣẹ́, ẹ̀ka òṣìṣẹ́ fún un ní 29, akáùńtáǹtì àgbà fún un ní 14. Ìbéèrè tó fà á ni ohun tí yóò ṣe bí ó bá rí àṣìṣe nínú àkọsílẹ̀ owó tí a ti kọ sínú ìwé. Ó ní òun yóò pa á rẹ́, òun yóò sì kọ òmíràn. Akáùńtáǹtì àgbà kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ìwé wọn pé a kì í pa àkọsílẹ̀ rẹ́. Ńṣe là ń kọ òmíràn tí yóò yí i padà, kí ẹni tó bá wá yẹ ìwé wò lè rí méjèèjì. Ẹ̀ka òṣìṣẹ́ ní iye ọdún tó ti fi ṣiṣẹ́ ni àwọn wò. Lójú tèmi, ìdáhùn yẹn wúwo fún ẹni tí yóò máa di ìwé owó mú. Ṣùgbọ́n bí a bá tilẹ̀ mú 49 yẹn kúrò, 70 ni ìpíndọ́gba rẹ̀ yóò jẹ́, kò sì ní kúrò ní ipò kẹrin.

*Olùdíje 1.* Èyí ló gba àròjinlẹ̀. Ìmọ̀ iṣẹ́ náà ni: 38 láti ọwọ́ akáùńtáǹtì àgbà, 34 láti ọwọ́ Alága, 27 láti ọwọ́ ẹ̀ka òṣìṣẹ́. Nígbà tó ń ṣàlàyé bí a ṣe ń fi ìwé owó wé ìwé báńkì, ó ṣàlàyé ṣẹ́ẹ̀kì tí a ti kọ àmọ́ tí báńkì kò tíì san, ó sì tọ̀nà, àmọ́ ó sáré sọ ọ́. Ẹ̀ka òṣìṣẹ́ kọ ọ́ pé “ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò yé mi.” Wọ́n sì tún fún un ní 12 péré nínú 20 lórí ìbánisọ̀rọ̀. Ó jọ pé àléébù kan náà ló jẹ ẹ́ níyà lẹ́ẹ̀mejì.

Bí ipò ṣe dúró sí

Ìwé ẹni yòówù kí a yọ, Olùdíje 3 ló ń ṣe ipò kìíní. Ipò kejì kò dúró ṣinṣin tó bẹ́ẹ̀: bí a bá yọ ìwé akáùńtáǹtì àgbà, Olùdíje 5 á ní 77.5, Olùdíje 1 á ní 74.5. Ìwé ẹnì kan ló gbé Olùdíje 1 sókè.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún

Kí a kọ lẹ́tà sí Olùdíje 3 láìdúró. Kí ìgbìmọ̀ tún jókòó lórí Olùdíje 1 àti 5 nìkan kí a tó mú adípò. Kí ẹ̀ka òṣìṣẹ́ tún ka àpèjúwe “ìmọ̀ iṣẹ́” kí wọ́n sì sọ bóyá 27 yẹn ṣì dúró. Bí wọ́n bá yí i padà, kí wọ́n kọ ìdí rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ máàkì àkọ́kọ́, kí wọ́n má pa á rẹ́. Bí wọn kò bá yí i padà, èyí tó wà nínú tábìlì yìí ni a ó lò.