Ìtumọ̀ Àwọn Ọ̀rọ̀ Tí Ẹ Ó Máa Bá Pàdé Nínú Settings

Màmá mi,

Ẹ kú oríire fóònù tuntun, Olúwa yóò jẹ́ kí ẹ lò ó pẹ́. Ẹ sọ fún mi lánàá pé ẹ̀rù ń bà yín láti fọwọ́ kan ohunkóhun nínú Settings, nítorí pé àwọn ọ̀rọ̀ ibẹ̀ kò yé yín. Ìdí nìyí tí mo fi kọ ìtumọ̀ wọn sílẹ̀, bí wọ́n ṣe wà lójú fóònù Android bíi tiyín, kí ẹ lè máa yẹ̀ ẹ́ wò nígbà tí n kò bá sí nítòsí.

Cache, tí à ń pè ní káàṣì, ni kí a fi bẹ̀rẹ̀. Ní ṣọ́ọ̀bù yín, àpò ẹ̀wà wà ní yàrá ẹ̀yìn, ṣùgbọ́n ẹ máa ń bu díẹ̀ sínú abọ́ níwájú, kí ẹ má baà máa wọlé lọ ní gbogbo ìgbà tí oníbàárà bá dé. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ààpù ń ṣe: àwòrán tí ó ti gbà láti orí íńtánẹ́ẹ̀tì lẹ́ẹ̀kan, yóò tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀ sínú fóònù, kí ó lè tètè ṣí nígbà mìíràn, kí dátà yín má sì tún jó lórí ohun kan náà. Bí àwọn ẹ̀dà náà bá pọ̀ tí wọ́n ń gba àyè, ẹ lọ sí Settings, kí ẹ tẹ Apps, kí ẹ mú ààpù náà, kí ẹ tẹ Storage, lẹ́yìn náà kí ẹ tẹ Clear cache. Kò sí ohun tiyín tí yóò sọnù. Ààpù yóò kàn tún bu òmíràn wá ni.

Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ farabalẹ̀ kà á kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́, nítorí pé Clear storage, tí àwọn fóònù mìíràn ń kọ ní Clear data, wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ gan-an. Àpò tó wà ní yàrá ẹ̀yìn ni ìyẹn ń kó dànù, kì í ṣe abọ́ iwájú. Ẹ rántí ọjọ́ tí àbúrò mi sunkún títí ilẹ̀ fi ṣú: ààpù tí ó ń kọ gbèsè àwọn oníbàárà rẹ̀ sí ni ó ṣe bẹ́ẹ̀ fún, nígbà tí ó sì tún un ṣí, kò bá orúkọ ẹyọ kan níbẹ̀ mọ́.

Sync, tí à ń pè ní síǹkì, ni pé kí ohun tó wà nínú fóònù àti èyí tó wà nínú àkáǹtì Google yín máa bára mu nígbà gbogbo. Ẹ fi wé ìwé méjì tí ẹni méjì ń kọ pọ̀: ohun tí ọ̀kan bá kọ, èkejì yóò kọ ọ́, èyí tí ọ̀kan bá pa rẹ́, èkejì yóò pa á rẹ́ pẹ̀lú. Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà nìyí, wọ́n rò pé síǹkì ti tó fún ìpamọ́. Nọ́ńbà tí ẹ bá pa rẹ́ lórí fóònù yóò kúrò nínú àkáǹtì náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Google ń fi í sínú Trash fún ọjọ́ 30 tí ẹ fi lè gbà á padà. Nọ́ńbà tí ẹ bá sì tọ́jú sórí síìmù kò sí nínú ètò yìí rárá. Nítorí náà, àkáǹtì Google yín ni kí ẹ máa mú nígbà tí ẹ bá ń kọ nọ́ńbà tuntun sílẹ̀.

Backup ni ẹ̀dà tí a fi pamọ́ sí ibòmíràn, kí a lè rí i lò bí fóònù bá bàjẹ́ tàbí tí olè bá jí i. Ti WhatsApp wà nínú Settings tirẹ̀, lábẹ́ Chats, níbi tí a kọ Chat backup sí.

Firmware, ìyẹn fáàmùwià, ni àṣẹ tí ilé iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ ti kọ sínú rẹ̀, tí ó ń jí i dìde kí ààpù kankan tó ṣiṣẹ́. Onímọ̀ kọ̀ǹpútà kan, Ascher Opler, ni ó fún un ní orúkọ yìí ní ọdún 1967. Lórí fóònù, àtúnṣe rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní System update tàbí Software update, ni ẹ ó sábà máa rí. Ó dára kí ẹ gbà á, nítorí ó ń dí ihò tí àwọn olè orí íńtánẹ́ẹ̀tì ń gbà wọlé, ṣùgbọ́n kí bátìrì kún dáadáa, kí ẹ má sì pa fóònù láàárín iṣẹ́ náà, kí ó má baà kọ̀ láti tàn mọ́. Inú Settings nìkan ni ojúlówó rẹ̀ ti ń wá. Ẹ má tẹ èyíkéyìí tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp.

Factory reset ń nu gbogbo ohun tó wà nínú fóònù, títí kan àwọn àwòrán ọmọ-ọmọ yín. Ẹ má tẹ ìyẹn rárá, àfi tí a bá jọ jókòó.

Ọmọ yín tó fẹ́ràn yín.