Ìròyìn Iṣẹ́ Òòjọ́: Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, láti Kábà

Ọ̀kún o, ẹ̀yin ará iṣẹ́.

Àná: Mo parí ojú ewé tí àgbẹ̀ ti ń wo iye owó kajú. Ó ṣí dáadáa lórí fóònù kékeré.

Òní:
1. Kí iye tí wọ́n bá tẹ̀ nígbà tí kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì má baà sọ nù. Èyí ló ṣáájú. Ẹni tó wà lóko lẹ́yìn Ìsánlú lè má rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì títí ilẹ̀ á fi ṣú, kò sì yẹ kí làálàá rẹ̀ ṣòfò.
2. Àtúnṣe àmì ohùn, bí àyè bá wà.

Ohun tó dí mi lọ́wọ́: Láti ìrọ̀lẹ́ àná ni sáfà ìdánwò ti ń kọ̀ mí, `401 Unauthorized` ló ń gbé jáde. Ẹ̀gbọ́n tó ń mójú tó sáfà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ṣe kọ́kọ́rọ́ tuntun kí aago 11 àárọ̀ tó lù. Bó bá kọjá bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ kìíní di ọ̀la. Ìkọ̀kọ̀ ni kí ẹ ti fi ránṣẹ́ sí mi, ẹ má fi síbí.

Iná ò sí níbí. Mo máa lọ ṣájì kọ̀ǹpútà láago 2 sí 3 ọ̀sán. Bó bá jẹ́ kánjúkánjú, ẹ pè mí.