Ìwé Iṣẹ́ Ìṣirò: Ìdá àti Dẹ́símà (Praimari Karùn-ún, Abẹ́òkúta)

Ìtọ́ni: Ṣe iṣẹ́ rẹ síta, yẹ ìdáhùn wò, kí o sì sọ ìdí rẹ̀ ní ṣókí.

Ìbéèrè 1. Sọ 3/8 di dẹ́símà.

Mo fi 8 pín 3, nítorí pé ohun tí ìdá yìí ń sọ ni pé kí a pín 3 sí ọ̀nà 8. 3 kò tó 8, nítorí náà mo kọ 0 àti àmì dẹ́símà, mo sì sọ 3 di 30. 30 ÷ 8 = 3, ó ku 6; 60 ÷ 8 = 7, ó ku 4; 40 ÷ 8 = 5, kò ku nǹkan kan.
Ìdáhùn: 0.375. Àyẹ̀wò: 0.375 × 8 = 3.

Ìbéèrè 2. Ìyá Àdùkẹ́ ní ọ̀pá àdìrẹ 5 ní ọjà Ìtòkú. Ó gé ọ̀pá 2 1/2 fún oníbàárà kan, ó sì gé ọ̀pá 1 3/4 fún òmíràn. Ọ̀pá mélòó ló kù?

Nígbà tí mo kọ́kọ́ ṣe é, mo ro òkè pọ̀ mọ́ òkè, mo ro ìsàlẹ̀ pọ̀ mọ́ ìsàlẹ̀, 1/2 + 3/4 sì di 4/6. Mo fagi lé e, nítorí pé 4/6 kéré sí 3/4, bẹ́ẹ̀ ni aṣọ tí a fi òmíràn kún kò lè kúrú ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ. Ìdajì àti ìdá mẹ́rin kì í ṣe ègé kan náà, ó di dandan kí a kọ́kọ́ sọ wọ́n di ègé kan náà kí a tó kà wọ́n pọ̀: 1/2 = 2/4.

2/4 + 3/4 = 5/4 = 1 1/4
2 + 1 + 1 1/4 = 4 1/4
5 − 4 1/4 = 3/4

Ìdáhùn: Ọ̀pá 3/4, èyí tí í ṣe 0.75. Àyẹ̀wò pẹ̀lú dẹ́símà: 2.5 + 1.75 + 0.75 = 5.

Ìbéèrè 3. Sọ 0.6 di ìdá tó kéré jù lọ.

0.6 = 6/10 = 3/5, nítorí pé 2 pín 6 àti 10 láìkù. Àyẹ̀wò: 3 ÷ 5 = 0.6.

Ìbéèrè 4. To 0.5, 0.45 àti 0.405 láti orí èyí tó kéré jù.

Mo fi òdo kún wọn kí gígùn wọn lè dọ́gba: 0.500, 0.450, 0.405.
Ìdáhùn: 0.405, 0.45, 0.5. Pé nọ́ńbà pọ̀ lẹ́yìn àmì kò sọ dẹ́símà di ńlá. Ipò tí nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan wà ni a ń wò, láti apá òsì.

Ìbéèrè 5. Sọ 1/3 di dẹ́símà, kí o fi mọ sí ipò 2.

10 ÷ 3 = 3, ó ku 1; 1 yìí tún di 10, ó sì tún ku 1, kò sì ní tán láéláé.
Ìdáhùn: 0.33. Àyẹ̀wò: 0.33 × 3 = 0.99. Ó fi 0.01 dín sí 1 nítorí pé a gé e kúrú. Iṣẹ́ pípín náà kò ní àṣìṣe.