Ìdí tí mo fi fẹ́ wọ ọdún ìpìlẹ̀ ẹ̀kọ́ ẹnjiníà iná

Ẹ̀yin olùkọ́ tẹ́ ẹ máa ka ìwé yìí, ẹ kú iṣẹ́. Kí n tètè sọ ọ́ pé mi ò ní sátífíkéètì kankan tí mo lè fi ránṣẹ́. Ọmọ ọdún 13 ni mo wà tí mo kúrò nílé ìwé, àrùn rọpárọsẹ̀ ló kọ lu bàbá mi, èmi ni àkọ́bí, ẹnì kan sì gbọ́dọ̀ máa wá owó wọlé, bí mi ò ṣe padà mọ́ nìyẹn. Mo ti pé 34 báyìí. Láti ọmọ ọdún 15 ni mo ti wà nídìí títún ẹ̀rọ iná ṣe, ọdún 5 lọ́dọ̀ ọ̀gá mi, ọdún 14 ní ṣọ́ọ̀bù tèmi: tẹlifíṣọ̀n, áńpù, ínfátà, pawa sọ́pláì kọ̀ǹpútà, gbogbo nǹkan tó bá ṣáà ti ní bọ́ọ̀dù nínú.

Kàpásítọ̀ kan ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí. Mo jẹ́ ọmọ ọdún 16 nígbà yẹn, mo tú ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n kan, mo ti yọ ọ́ lára iná tẹ́lẹ̀ torí náà ọkàn mi balẹ̀, ni àtàǹpàkò mi bá kan ẹsẹ̀ kàpásítọ̀ ńlá tó wà níbẹ̀, ó gbá mi débi pé sikurudíráfà fò kúrò lọ́wọ́ mi. Ọ̀gá mi fi hàn mí bí wọ́n ṣe ń fi résísítọ̀ fa iná inú ẹ̀ gbẹ kéèyàn tó fọwọ́ kàn án. Nígbà tá a wá so ó mọ́ná padà tí mo fi mítà wọ̀n ọ́n, mo rí 230 fóòtì níbi tí iná ti ń wọlé, mo sì rí 325 lórí kàpásítọ̀. Mo ní ọ̀gá, níbo ni 95 tó lé yìí ti wá? Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa ń rí. Wọn ò fi nǹkan pamọ́ fún mi o, ohun tí wọ́n sọ fáwọn náà nígbà tí wọ́n ń kọ́ṣẹ́ nìyẹn.

Ó lé ní ọdún 15 tí mo fi ń rí 325 yẹn lójoojúmọ́ tí mo sì ń bá iṣẹ́ lọ. Ọdún 2 sẹ́yìn, ọmọ iṣẹ́ mi kan, ọmọbìnrin tí kì í gba nǹkan láì bèèrè ìdí ẹ̀, wọ̀n ọ́n, ó gbójú sókè, ó sì bi mí ní ìbéèrè yẹn gan-an. Mo gbọ́ ọ tí ẹnu ara mi ń sọ pé bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa ń rí. Ojú tì mí gan-an, mi ò rí oorun sùn lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé. Tí mo bá ti pa ṣọ́ọ̀bù dé, mo máa jókòó láti aago 8 alẹ́ títí di aago 10, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, ó ti tó oṣù 20 báyìí. Ìdá ni mo ti bẹ̀rẹ̀, ìyẹn ìṣirò àwọn ọmọdé, torí ibẹ̀ ni mo ti fi ilé ìwé sílẹ̀. Oṣù kẹrin ni mo tó dé ibi ìdáhùn mi: iná tó ń wọlé ń lọ sókè sódò bí ìgbì ni, 230 tí mítà ń kà kì í ṣe ṣóńṣó ìgbì yẹn, iye iná tààrà tó máa ṣe irú iṣẹ́ kan náà ni. Àwọn dáyọ́dù á darí ẹ̀ gba ojú kan, kàpásítọ̀ á sì kún títí dé ṣóńṣó, ṣóńṣó yẹn sì ni 230 táímìsì sukuẹ́ rúùtù 2, ìyẹn 230 × 1.414 = 325. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n nígbà tí nọ́ńbà yẹn jáde lórí ìwé. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kí n tó ṣí iṣẹ́ kankan, mo pe ọmọ yẹn, mo sì ya ìgbì náà fún un lórí páálí.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ bá mi parí nìyẹn. Mo mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ẹ̀rọ, mo fẹ́ mọ ìdí tó fi ń ṣẹlẹ̀, kí n tún lè ṣe ẹ̀rọ tuntun fúnra mi dípò kí n máa tún tẹlòmíì ṣe.

Mo sì ti rí i pé ìṣirò wúlò lẹ́nu iṣẹ́ gidi. Lọ́dún tó kọjá, wọ́n pè mí sí ínfátà kan tó máa ń kú tí wọ́n bá ti gbé ẹrù 600 wáàtì lé e, ẹni 2 ti pààrọ̀ bátìrì níbẹ̀ kí n tó dé, owó ńlá sì ti lọ. Mo jókòó sílẹ̀ pẹ̀lú bírò. 600 wáàtì lórí bátìrì 12 fóòtì, áńpíà 50 nìyẹn. Wáyà tí wọ́n lò tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì gùn, mo ṣírò lílọ bíbọ̀ ẹ̀ sí nǹkan bíi 0.02 óòmù, V = I × R, odindi fóòtì 1 ń sọnù lójú ọ̀nà, bátìrì wà ní 11.4 lábẹ́ ẹrù, ínfátà ń rí 10.4, bẹ́ẹ̀ 10.5 ni wọ́n sẹ́ẹ̀tì ẹ̀ pé kó máa pa ara ẹ̀. P = I² × R, ooru 50 wáàtì ló wà lára wáyà yẹn, mo gbé ọwọ́ lé e, ó gbóná lóòótọ́. Wáyà tó nípọn, tó sì kúrú ni mo fi pààrọ̀ ẹ̀, mi ò fọwọ́ kan bátìrì rárá. Lálẹ́ mo tún ṣe é bí ẹni pé bátìrì 24 fóòtì ni: áńpíà á já sí 25, ooru á já sí 12.5, ìdá kan nínú mẹ́rin. Kò sẹ́ni tó ní kí n ṣe ìyẹn o.

Àwọn ibi tí mo kù sí pọ̀. Mo gbìyànjú ìdánwò ìṣirò kan lọ́dún tó kọjá mo sì fèìlì, gbogbo èyí tí mo dáhùn nínú apá àkọ́kọ́ ni mo gbà, àkókò ló tán mọ́ mi lọ́wọ́, torí mi ò tíì ṣe ìdánwò láti ogún ọdún. Látìgbà yẹn mo ti ń fi aago síwájú ṣiṣẹ́. Aljẹ́bírà ti ń yé mi, mo wà lórí tirigonọ́métirì, mi ò tíì dé kálíkúlọ́ọ̀sì. Kíkọ ìròyìn gígùn tún le fún mi ju ìṣirò lọ, ìwé yìí nìkan gbà mí ní ọjọ́ 9. Ilé ìwé kan dá mi lóhùn pé tí kò bá sí sátífíkéètì kò sí ohun tí wọ́n fẹ́ gbọ́, ó dùn mí, àmọ́ ìdí tí mo fi kọ̀wé sí yín ni pé ẹ̀yin sọ pé ẹ máa ń wo ìrírí iṣẹ́.

Ní ti àkókò, ọmọ iṣẹ́ mi tó dàgbà jù lè dá ṣọ́ọ̀bù ṣe láti ọjọ́ Ajé sí Ẹtì, Sátidé nìkan ni màá máa lọ. Èmi àti ìyàwó mi ti jọ tọ́jú owó tó máa gbé ilé ró fún ọdún náà, òun ló kọ́kọ́ sọ ọ́ pé kí n lọ. Lẹ́tà ọ̀gá mi wà pẹ̀lú ìwé yìí, pẹ̀lú fọ́tò ojú ewé mélòó kan nínú ìwé ìṣirò mi 7, ibi tí mo ti ṣì í wà níbẹ̀ náà, mi ò yọ ọ́ kúrò.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí n wá ṣe ìdánwò níwájú yín, tàbí kẹ́ ẹ gbé bọ́ọ̀dù tó ti bàjẹ́ síwájú mi kí n sọ ohun tó ṣe é àti ìdí ẹ̀, màá wá. Ẹ kàn jẹ́ kí n gbọ́ ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, kí n lè fi kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù lé ọmọ yẹn lọ́wọ́.