Ètò Iṣẹ́ Ọdún 2026: Oko Màlúù àti Ewúrẹ́ Wa ní Ìpájà

Màlúù 8, ewúrẹ́ 25.

Ṣẹ́rẹ́ sí Ẹrẹ́nà, ẹ̀ẹ̀rùn: Koríko á gbẹ. Ẹ sá èèpo ẹ̀gẹ́ tí à ń gbà lọ́wọ́ àwọn onígàárì títí á fi máa ṣẹ́ pẹ́kẹ́ lọ́wọ́. Tútù rẹ̀ lè pa ẹran. Omi láàárọ̀ àti lálẹ́. Kí Ẹrẹ́nà tó parí, ẹ tún òrùlé àti gọ́tà ṣe.

Igbe sí Agẹmọ, òjò: Bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, oògùn aràn fún gbogbo wọn. Ewúrẹ́ kò gbọdọ̀ jáde kí ìrì tó gbẹ, bó ti wù kó ké tó. Ẹ máa yẹ pátákò màlúù wò ní gbogbo ọjọ́ Ajé, nítorí ẹrẹ̀. Òbúkọ tó bá sanra, ọjà Iléyá.

Ògún: òjò á dáwọ́ dúró díẹ̀, ẹ gé koríko, ẹ sá a, ẹ kó o pamọ́.

Ọ̀wàrà: ẹ da òbúkọ pọ̀ mọ́ abo, oṣù márùn-ún ni oyún wọn, kí wọ́n lè bímọ nígbà tí koríko bá ń hù.

Bélú: dókítà ẹran á fún ewúrẹ́ ní àjẹsára kí ọyẹ́ tó dé. Ẹ yọ eégbọn ara màlúù.

Ọ̀pẹ: ọjà Kérésì. Abo tó lóyún kì í ṣe títà.