Lẹ́tà sí Àǹkú Wàsíù lórí ọ̀rọ̀ mọ́ọ̀tì àti mínírà

Àǹkú mi, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú ìmúra Iléyá, mo mọ̀ pé agbádá àwọn èèyàn ti kún ṣọ́ọ̀bù báyìí débi pé ẹsẹ̀ ò ráyè gbà. Ẹ má bínú pé lẹ́tà ni mo kọ, tí n bá pè yín lórí fóònù ẹ ó kàn ní "Táíwò, mo ti gbọ́" ẹ ó sì gé e.

Ọ̀rọ̀ mọ́ọ̀tì yẹn ni o. Ìgbà tí mo wá kí yín lọ́jọ́sí mo rí ìgò tó wà lábẹ́ máṣíìnì ìránṣọ yín, ti mọ́ọ̀tì ti mínírà, bíi pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kómọ jáde níbẹ̀. Ẹni tí kì í jẹ ẹ̀bà mọ́ torí àìsàn ìtọ̀ ṣúgà o! Àǹtí ń ro wíìtì fún yín, ẹ ti dín ìrẹsì kù, kódà gààrí Ìjẹ̀bú tí ẹ fẹ́ràn bí ojú, ẹ ti yọ kúbù ṣúgà mẹ́ta tí ẹ máa ń jù sí i kúrò. Ẹ gbìyànjú gan-an, kò rọrùn fún ọmọ Ìjẹ̀bú. Àmọ́ ohun tí ẹ lé kúrò nínú abọ́, ẹnu ìgò ló tún ń gbà wọlé.

Ẹ wọ dígí ojú yín kí ẹ yí ẹ̀yìn ìgò mínírà yẹn wò. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ṣúgà inú ẹ̀ ń lọ sí bíi gíráàmù 10 nínú mìlílítà 100. Ìgò sẹ́ńtílítà 50 wá ńkọ́, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po márùn-ún, gíráàmù 50 nìyẹn, ṣíbí tíì kan sì jẹ́ bíi gíráàmù 4, ẹ bá mi ṣírò ẹ̀, ó lé ní ṣíbí 12! Tí Àǹtí bá bu omi sí kọ́ọ̀bù tó wá ń ka ṣíbí ṣúgà méjìlá sínú ẹ̀ lójú yín, ẹ ó ní ó fẹ́ pa yín ni. Àjọ Ìlera Àgbáyé gan-an ní ó dáa kí àgbàlagbà tára ẹ̀ le má ju bíi gíráàmù 25 lọ lójúmọ́, ẹ̀yin wá ń gbé ìlọ́po méjì ẹ̀ mì lẹ́ẹ̀kan.

Ẹ ó ní mọ́ọ̀tì ò lọ́tí nínú, pé ó ń fúnni lẹ́jẹ̀. Kò lọ́tí lóòótọ́, ṣúgà ló ní. Júùsì inú páálí náà, ẹ má jẹ́ kí àwòrán ọsàn ara ẹ̀ tàn yín, ẹ kúkú jẹ ọsàn kan tòun ti fọ́nrán inú ẹ̀, ìyẹn ò ní sáré wọnú ẹ̀jẹ̀ bí olómi.

Èyí tó ń dùn mí jù ni òùngbẹ yẹn. Ẹ sọ fún mi pé ọ̀fun yín máa ń gbẹ lọ́sàn-án, pé mínírà tútù nìkan ló ń pa á. Àǹkú, ṣúgà ló ń fà á o! Tó bá ti pọ̀ jù lẹ́jẹ̀, kíndìnrín á fẹ́ tọ̀ ọ́ dànù, ṣúgà á sì fa omi ara dání, ẹ ó máa tọ̀ ṣáá, òùngbẹ á gbẹ yín, ẹ ó tún ṣí ìgò míì, ó tún bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá rò pé mò ń purọ́, ẹ fi máṣíìnì kékeré tí ẹ fi ń wo ṣúgà ẹ̀jẹ̀ yẹn wò ó kí ẹ tó mu ọ̀kan, kí ẹ tún wò ó lẹ́yìn wákàtí méjì.

Ohun kan wà tí n ò gbọ́dọ̀ fi pa mọ́ fún yín. Oògùn ṣúgà míì lè já a wálẹ̀ jù, ọwọ́ á máa gbọ̀n, òógùn á bo èèyàn, ojú á máa ṣú. Ìgbà yẹn, ìdajì kọ́ọ̀bù mínírà tó ní ṣúgà ni kí ẹ tètè mu, kí ẹ sì tún fi máṣíìnì wò ó lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15. Torí ẹ̀, ìgò kékeré kan lè wà lọ́wọ́ Àǹtí, bí ẹni fi oògùn pamọ́ ni o, kì í ṣe ti òùngbẹ.

Kí la ó wá máa mu? Omi tútù tẹ́ ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí, ó ń já lẹ́nu dáadáa. Tíì tí ò ní ṣúgà. Sóbò tí Àǹtí fi atalẹ̀ àti kánáfùrù sè, láìsí ṣúgà rárá, ṣùgbọ́n ẹ bi dókítà kọ́kọ́ torí oògùn bípíì yín, sóbò náà lè já ìfúnpá wálẹ̀. Kùnú ò sí níbẹ̀, ọkà ni. Mínírà tí wọ́n kọ ọ́ sí lára pé kò ní ṣúgà, mi ò fẹ́ràn ẹ̀ púpọ̀, àmọ́ ó sàn ju èyí tẹ́ ẹ̀ ń mu lọ, ẹ lè fi já ara yín gbà díẹ̀díẹ̀.

Tó bá wá di ọjọ́ Ojúde Ọba, tí ẹ̀yin àti àwọn rẹgbẹ́rẹgbẹ́ yín bá jókòó, ẹ tètè di ìgò omi mú, ẹni tọ́wọ́ ẹ̀ bá ṣófo ni wọ́n máa ń gbé mọ́ọ̀tì fún. Ẹni tó bá bi yín, ẹ ní Táíwò ló ní kí ẹ má mu ún, kó wá bá mi jà ní Ṣágámù.

Mò ń bọ̀ ní Sátidé, mo ti ra fúláàsì ńlá kan fún ṣọ́ọ̀bù. Ẹ bá mi kí Àǹtí, kó má wulẹ̀ ra kéréètì mọ́ọ̀tì ọdún, mo ti bá a sọ ọ́.

Èmi ọmọ ẹ̀gbọ́n yín,
Táíwò