Àdúrà Bàbá Ìyàwó

Wákàtí 8 ni fídíò ìgbéyàwó náà. Ìṣẹ́jú 20 ni tọkọtaya ń fẹ́. Nínú yàrá rẹ̀ ní Súrùlérè, Kúnlé ti gé ọ̀pọ̀ àwàdà alága ìdúró kúrò.

Ó wá kan ibi tí bàbá fẹ́ ṣàdúrà. Ìyàwó kúnlẹ̀. Ọwọ́ bàbá wà lórí gèlè rẹ̀, ètè rẹ̀ ń gbọ̀n, ọ̀rọ̀ kò jáde. Ariwo jẹnẹrétọ̀ nìkan ló ń dún.

Fóònù dún. Ìyá ọkọ ni.

"Ọmọ mi, má gé ijó ẹgbẹ́ wa o!"

"Ó wà níbẹ̀, mà."

Nínú ìṣẹ́jú 7 ijó wọn, ó mú 1. Ti bàbá, kò gé nǹkan kan. Ó dín ariwo jẹnẹrétọ̀ kù, ó sì kọjá sí kéèkì.